Owó oṣù olùkọ́: ṣé inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni yóò máa lọ, àbí inú mútúà fọ́ọ̀ndì?

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ tán, olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwé méjì ka iwájú mi lórí tábìlì. Ọ̀kan ni ìwé owó oṣù rẹ̀, níbi tí ìlà kan ti fi hàn pé wọ́n ti yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ó tó fojú kàn án. Èkejì ni bébà pélébé aláwọ̀ mèremère kan tí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan fún un, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé àpò ìdókòwò àwọn pa èrè 12 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún tó kọjá. Ó fi ìka kan bébà náà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, 8 ni ẹgbẹ́ wa pín fún wa. Àwọn wọ̀nyí pa 12. Kí ni mo ṣì ń wá nínú ẹgbẹ́?"

Ìbéèrè gidi ni, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó sì ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí irú bébà yẹn bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n 8 àti 12 tí ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yẹn kì í ṣe ohun kan náà. 8 jẹ́ apá kékeré lára ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́, 12 sì jẹ́ ìròyìn ohun tí ó ti kọjá, tí kò sí ẹni tí ó lè fi dá a lójú pé yóò tún rí bẹ́ẹ̀. Kí àlàyé yìí lè yé ẹnikẹ́ni, owó ìlú yòówù kí ó máa gbà, ẹ jẹ́ kí á fi 100 ṣe owó oṣù olùkọ́ wa. 10 ni wọ́n ń yọ fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù, èyí tí ó jẹ́ 120 lọ́dún.

Kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fi owó náà ṣe?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni àkójọ àwọn ènìyàn tí nǹkan kan so pọ̀, bóyá ibi iṣẹ́ tàbí àdúgbò, tí wọ́n ń kó owó jọ sójú kan kí wọ́n lè máa yá ara wọn. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ti pẹ́. Ní ọdún 1844, àwọn ènìyàn 28 ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ahunṣọ wà lára wọn, kó owó kékeré jọ láti dá ilé ìtajà tiwọn sílẹ̀, lára òfin tí a sì jogún lọ́dọ̀ wọn ni pé ìbò kan ṣoṣo ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ìbáà jẹ́ pé owó rẹ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Jámánì láàrin ọ̀rúndún náà ni Friedrich Wilhelm Raiffeisen mú irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ owó yíyá fún àwọn àgbẹ̀ tí àwọn olówó èlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Nínú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, owó tí wọ́n yọ nínú owó oṣù sábà máa ń pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ni owó ìpín, èyí tí ó sọ ọ́ di ọ̀kan lára àwọn tí ó ni ẹgbẹ́, tí kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí tí ẹni náà yóò fi jáde. Apá kejì, tí ó máa ń pọ̀ jù, ni owó ìfowópamọ́. Àpapọ̀ owó gbogbo wọn ni àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ fi ń yá ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá nílò rẹ̀, èlé tí ẹni náà bá sì san ni owó tí ń wọlé fún ẹgbẹ́. Nígbà tí ọdún bá parí, wọn yóò yọ ìnáwó ọ́fíìsì kúrò, wọn yóò fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, wọn yóò sì pín ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí pé àwọn tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ fún ogún ọdún pàápàá kì í sábà rò ó báyìí. Ẹni tí ó san 8 yẹn fún olùkọ́ wa ni olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó yá owó, tí ó sì san èlé. Èrè ẹgbẹ́ kò lè ju èlé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń san lọ fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń yáni lówó ní èlé 10 lọ́dún lórí gbèsè tí ó ṣẹ́kù, tí ó sì ń ṣèlérí èrè 15, ó yẹ kí á béèrè ibi tí 5 tó lé yẹn ti ń wá: àfi kí ó jẹ́ pé wọ́n ní òwò mìíràn tí ìwé ìṣirò owó wọn fi hàn, tàbí kí ó jẹ́ pé owó àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń pín.

Kí ni mútúà fọ́ọ̀ndì ń fi tirẹ̀ ṣe?

Mútúà fọ́ọ̀ndì ni àpò ìdókòwò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí da owó sí, tí àwọn tí iṣẹ́ wọn nìyẹn sì ń fi owó náà ra oríṣiríṣi nǹkan fún wọn. Massachusetts Investors Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Boston ní ọdún 1924, ni wọ́n sábà máa ń kà sí irú rẹ̀ ti òde òní àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé, ẹni tó bá sì fẹ́ lè dá ìpín rẹ̀ padà fún àpò náà kí ó gba owó rẹ̀.

Ohun tí a ń rà nínú rẹ̀ ni yúníìtì. Ká ní gbogbo ohun ìní tó wà nínú àpò kan tó 2,050, tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ 50, tí yúníìtì 1,000 sì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Wọn yóò yọ 50 kúrò nínú 2,050, wọn yóò pín 2,000 tó kù sí 1,000, iye yúníìtì kan yóò sì jẹ́ 2. Bí olùkọ́ wa bá fi 10 sí i lọ́jọ́ náà, yúníìtì 5 ni yóò gbà. Lọ́jọ́ mìíràn tí iye rẹ̀ bá gun 2.20, 11 ni yúníìtì 5 yẹn tó. Bí ó bá sì já sí 1.60, ó ti di 8 nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbé òfò 2 náà. Ojoojúmọ́ tí iṣẹ́ bá wà ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn àpò wọ̀nyí ń ṣe ìṣirò yìí.

Ohun tí àpò kọ̀ọ̀kan ń rà ló ń sọ bí iye yìí yóò ṣe máa mì tó. Èyí tí ń yá ìjọba àti báńkì ńláńlá lówó fún oṣù díẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Èyí tí ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ lórí ọjà ìpín lè ga gan-an, ó sì lè wọlẹ̀ gan-an. Àwọn àpò mìíràn wà láàrin méjèèjì, tí ń ra bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́, ọlọ́dún pípẹ́, tàbí tí ń da nǹkan pọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "mútúà fọ́ọ̀ndì pa 12," ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé, "Irú èwo nínú wọn?" Bébà tí ọ̀rẹ́ mi mú wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà tí ó kéré tó ẹyin èèrà, pé ìpín ilé-iṣẹ́ ni àpò náà ń rà.

Níbo ni 8 àti 12 ti ń ṣini lọ́nà?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé owó iṣẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ń bójú tó mútúà fọ́ọ̀ndì ń yọ owó iṣẹ́ wọn nínú àpò náà lọ́dọọdún, èrè ìbáà wà, kó má sì sí. Wọn kì í fi ìwé ránṣẹ́ pé kí á wá san án. Inú iye yúníìtì ni ó ti ń dínkù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Ká sọ pé olùkọ́ kan ń fi 120 pamọ́ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún 10, tí owó náà sì ń pa 8 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún láìsí owó iṣẹ́ kankan, tí ó sì ń da èrè náà padà sínú rẹ̀. Yóò ní nǹkan bí 1,738. Bí wọ́n bá ń yọ 1.5 nínú 8 yẹn lọ́dọọdún, 6.5 ni yóò kù fún un, ohun tí yóò sì bá ní ìparí ọdún kẹwàá jẹ́ nǹkan bí 1,619. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìfowópamọ́ ọdún kan gbáko. Ẹgbẹ́ náà ń náwó, ó ń san owó akọ̀wé, ó ń ra ìwé, ṣùgbọ́n 8 tí wọ́n pín ni ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìnáwó yẹn; ó yẹ kí á béèrè bóyá wọ́n ti yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú 12 orí bébà náà.

Ohun kejì ni ibi tí èrè náà ń gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, lọ́jọ́ ìpàdé ọdọọdún ni wọ́n ń pín èrè lówó, ọmọ ẹgbẹ́ á sì gbà á sápò. Lẹ́yìn ọdún 10, ẹni tí ó ń ná tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò bá 1,200 tí ó fi síbẹ̀, kò sì ní rí 538 tó kù, nítorí pé ó ti jẹ 432 nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 106 tó kù, tí ó yẹ kó jẹ́ èrè orí èrè, kò sì wáyé rárá. Mútúà fọ́ọ̀ndì sábà máa ń fúnni láyè láti jẹ́ kí èrè ra yúníìtì sí i, bí ó bá sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní kan ọwọ́ ẹni rárá. Kì í ṣe pé ẹgbẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn yóò da èrè mọ́ owó ìfowópamọ́ ẹni tí ó bá kọ̀wé béèrè, àmọ́ ṣàṣà ni ẹni tí ń kọ̀wé náà.

Mo lè sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ́n gógó ọjà náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pẹ́ sọ: bí ọjà bá fi 10 gbówó lórí láàrin ọdún tí ẹgbẹ́ pín 8, owó tí a fi pamọ́ kò lágbára tó bó ṣe wà mọ́, ìṣòro kan náà yìí sì kan mútúà fọ́ọ̀ndì tí èrè rẹ̀ bá kéré.

Èló ni owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ ń náni ní tòótọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà, nítorí pé owó yíyá ni ohun tí ẹgbẹ́ ní, tí mútúà fọ́ọ̀ndì kò ní. Ká ní olùkọ́ wa ti fi 120 pamọ́ lọ́dún kan, tí òfin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà pé kí ọmọ ẹgbẹ́ yá ìlọ́po méjì ohun tí ó ní níbẹ̀. Ó lè yá 240. Kò ní mú ìwé ilẹ̀ wá, kò ní mú ọkọ̀ wá. Owó ìfowópamọ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onídùúró méjì, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ni ó tó.

Ká ní wọ́n kọ ọ́ sí ìwé pé èlé rẹ̀ jẹ́ 10 lórí ọgọ́rùn-ún, kí ó sì san án tán ní oṣù 12. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ṣírò 10 yẹn. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n fi 10 lé gbogbo 240, kí èlé jẹ́ 24, kí wọ́n sì pín 264 sí oṣù 12, tí yóò fi jẹ́ 22 lóṣù. Èyí ni mo ń pè ní èlé orí gbogbo owó. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n máa gba èlé lórí gbèsè tí ó ṣẹ́kù nìkan. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá sọ pé 1 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí ohun tó kù, ó dún bí ẹni pé 12 lọ́dún ju 10 lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kìíní, gbèsè jẹ́ 240, èlé rẹ̀ jẹ́ 2.40. Olùkọ́ san 20 kúrò nínú gbèsè, ó ku 220, èlé oṣù kejì jẹ́ 2.20. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa sọ̀kalẹ̀ títí oṣù kejìlá tí èlé rẹ̀ yóò jẹ́ 0.20. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 15.60 ni. "12" lọ́dún ti wá dínwó ju "10" tí ó jẹ́ 24 lọ.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó yá 240, tí ó sì ń dá a padà lóṣooṣù, kò ní 240 lọ́wọ́ fún odindi ọdún. Ní agbede méjì ọdún, ìdajì rẹ̀ ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, èlé orí gbogbo owó ń gba èlé lórí ìdajì tí ó ti dá padà náà. Bí a bá yí 10 irú èyí sí ọ̀nà tí báńkì fi ń ṣírò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì tún yọ 24 kúrò kí wọ́n tó gbé owó fún un, tí ó fi jẹ́ pé 216 ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí gbèsè inú ìwé ṣì jẹ́ 240, ó súnmọ́ 20. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí á bi akọ̀wé ẹgbẹ́: "Tí mo bá san ìdajì gbèsè mi tán, ṣé èlé oṣù tó tẹ̀ lé e yóò dínkù?" Bí ó bá dáhùn pé rárá, èlé orí gbogbo owó ni.

Nǹkan kan tún wà tí mo mọ̀ pé kò wá sọ́kàn ọ̀rẹ́ mi, nítorí pé ó ṣí ojú rẹ̀ sí mi nígbà tí mo sọ ọ́. Nínú 240 tí ó yá, 120 jẹ́ owó ara rẹ̀. Ohun tí ó yá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gan-an kò ju 120 lọ, èlé tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà lórí 240. Ṣebí 10 tí wọ́n ń yọ fún ìfowópamọ́ kò sì dúró: lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, gbèsè rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sí 160, ìfowópamọ́ rẹ̀ náà sì ti gòkè dé 160. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò jẹ gbèsè ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ bí a bá fi ọ̀kan yọ èkejì, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ṣì kù tí yóò fi san èlé.

Àmọ́ kí á tó dá ẹgbẹ́ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á rántí pé èrè 8 ṣì ń wọlé lórí 120 rẹ̀ ní gbogbo ọdún náà, ìyẹn sì jẹ́ 9.60. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú èlé, ẹni tí wọ́n ṣírò lórí ohun tó kù fún san 6 péré fún àǹfààní náà, ẹni tí wọ́n ṣírò lórí gbogbo owó fún san 14.40. Ní 6, n kò mọ ibòmíràn tí olùkọ́ tí kò ní ilẹ̀ tàbí ilé fi ṣe ìdúró ti lè rí 120 mìíràn kún tirẹ̀. Ní 14.40, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ronú lórí ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe.

Ẹni tí 120 tirẹ̀ wà nínú mútúà fọ́ọ̀ndì ńkọ́? Yóò kọ̀wé pé òun fẹ́ ta yúníìtì òun, owó yóò sì wọ inú àkáǹtì rẹ̀ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mélòó kan, láìsí onídùúró, láìsí ìpàdé, láìsí ẹni tí yóò bi í ní ìdí. Ìrọ̀rùn ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n 120 ni, kò sì lè jù bẹ́ẹ̀, bí ọjà bá sì ti wó lọ́sẹ̀ tí ó nílò rẹ̀, ó lè má tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni nǹkan ṣe ń bàjẹ́, báwo ni a sì ṣe ń mọ̀?

Nínú ẹgbẹ́, ewu tí ó tóbi jù ni pé ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ń gba owó oṣù. Bí owó oṣù bá dúró fún oṣù mẹ́ta, gbogbo àwọn tí ó jẹ gbèsè ni yóò dẹ́kun sísan lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù yẹn gan-an sì ni gbogbo àwọn tó kù yóò fẹ́ gba owó wọn. Ohun tí ó pa owó oṣù rẹ ti pa owó ìpamọ́ rẹ pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Ewu kejì kò ní ariwo. Wọ́n lè yọ owó nínú owó oṣù kí ó má sì dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ lákòókò, nítorí pé àwọn tí ń yọ ọ́ fi bo ihò mìíràn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: ìwé owó oṣù mi sọ pé wọ́n ti yọ ọ́ ní oṣù márùn-ún, ìwé ìfowópamọ́ mi nínú ẹgbẹ́ fi oṣù méjì hàn, ó sì tó bí ìdajì ọdún kí ìyókù tó dé. Ìdí tí mo fi tètè mọ̀ ni pé mo gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì ń fi ìka tọ ìlà sí ìlà. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa ṣe lóṣooṣù ni.

Àmì kẹta ni ìlà àwọn tí ń dúró de owó yíyá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń dáni lóhùn tẹ́lẹ̀, tí ó wá di oṣù mẹ́rin, owó kò sí nínú àpò mọ́, ó sì yẹ kí á mọ̀ bóyá àwọn ènìyàn púpọ̀ ni ó ń yá a ni, àbí àwọn tí ó ti yá a kò san án padà. Ìwé ìṣirò tí olùyẹ̀wé owó láti ìta fọwọ́ sí, tí wọ́n kà níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọdọọdún, ni yóò dáhùn. Ẹgbẹ́ tí kò pe ìpàdé náà ní ọdún méjì ti dá wa lóhùn lọ́nà mìíràn.

Ní ti mútúà fọ́ọ̀ndì, òfin sábà máa ń béèrè pé kí ohun ìní àpò wà lọ́dọ̀ olùtọ́jú kan tí ó yàtọ̀ sí àwọn tí ń pinnu ohun tí wọn yóò rà, nítorí náà, kò rọrùn fún ẹnì kan láti kó o sá lọ bí akápò ẹgbẹ́ kékeré ṣe lè ṣe é. Òfò ọjà ni ewu rẹ̀. Ní ọdún 2008, ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú àpò tí ó ń tẹ̀ lé S&P 500, àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà, pàdánù nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọdún kan ṣoṣo, bí a tilẹ̀ ka èrè tí wọ́n pín mọ́ ọn. Irú àpò tí a sọ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ mì náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Reserve Primary Fund, tí ìpín rẹ̀ kan máa ń jẹ́ dọ́là kan gééré, já sí sẹ́ńtì 97, nítorí pé ó ti yá ilé-iṣẹ́ Lehman Brothers tí ó wó lulẹ̀ lówó.

Àwọn oníjìbìtì náà wà tí wọ́n ń lo orúkọ yìí. Ìyàtọ̀ wọn rọrùn láti mọ̀: mútúà fọ́ọ̀ndì gidi kì í ṣèlérí iye kan pàtó lóṣooṣù, iye yúníìtì rẹ̀ wà níta fún gbogbo ènìyàn láti wò, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò. Inú àkọsílẹ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀ ni kí á ti wò ó, kí á má fi ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wọn ṣe ẹ̀rí.

Kí ni olùkọ́ wa yóò wá ṣe?

Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi owó náà ṣe, ó sì dáhùn pé méjì ni. Ó fẹ́ san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ tí yóò wọ yunifásítì ní ọdún tí ń bọ̀, ó sì fẹ́ ní nǹkan kan yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún tí iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Lójú tèmi, ìdáhùn kan kò lè tó fún méjèèjì. Owó ọdún tí ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú àpò tí ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, nítorí pé ọdún kan kò tó fún un láti dìde bí ó bá ṣubú. Ẹgbẹ́ ni ó bá a mu, pàápàá nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń ṣírò èlé lórí ohun tó kù, ó sì nílò ju ohun tí ó ti fi pamọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó kíyè sí owó oṣù rẹ̀: ní oṣù kìíní tí ó bá yá 240, wọn yóò yọ 10 ti ìfowópamọ́, 20 ti gbèsè àti 2.40 ti èlé, ó fi 67.60 sílẹ̀ fún oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti gbogbo ohun tó kù. Bí ilé rẹ̀ kò bá lè fi ìyẹn gbé ọdún kan, owó tí ó fẹ́ yá pọ̀ jù, ìbáà jẹ́ pé òfin ẹgbẹ́ gbà á.

Owó ọdún mẹ́rìndínlógún yàtọ̀. Fífi gbogbo rẹ̀ sí ẹgbẹ́ túmọ̀ sí pé owó oṣù rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti owó ìpamọ́ rẹ̀ gbára lé agbanisíṣẹ́ kan náà. Kò sì tún nílò kí ìfowópamọ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ máa ga títí, nítorí pé bí ó ti ń ga ni iye tí ó lè yá ń ga, nígbà tí owó oṣù rẹ̀ kò lè san èyí tí ó ju 240 lọ padà lọ́dún kan. Ìfowópamọ́ tí ó bá kọjá 120 tí ó fi lè yá 240 yẹn ń dúró lásán lórí èrè 8. Ibẹ̀ ni mútúà fọ́ọ̀ndì ti wúlò: kí ó dín ìfowópamọ́ ẹgbẹ́ kù nígbà tí gbèsè bá ti parí, kí ó sì máa fi ìyókù ra yúníìtì lóṣooṣù, lọ́jọ́ kan náà tí owó oṣù bá wọlé, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kàn án.

Ó ní òun ti gbọ́, pé òun yóò kọ̀wé sí ẹgbẹ́ lọ́sẹ̀ náà láti gba 60 jáde nínú ohun tí ó wà nílẹ̀ kí òun tètè bẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní méjì ni: olùkọ́ ìṣirò, àti ìyá kan ní ọ́fíìsì. Owó tí ó wà nínú ìfowópamọ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ń wò nígbà tí wọ́n gba ọwọ́ rẹ̀ sí orí ìwé àwọn méjèèjì, ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn kì í sì í jẹ́ kí onídùúró mú owó rẹ̀ jáde títí tí gbèsè tí ó dúró fún yóò fi tán. Gbèsè olùkọ́ ìṣirò ku oṣù méje. Ó ká bébà aláwọ̀ mèremère náà sí méjì, ó fi sínú ìwé owó oṣù rẹ̀, ó sì lọ wá olùkọ́ ìṣirò kí ó bi í bóyá ó ń san gbèsè rẹ̀ déédéé.